Bí Ẹ Ṣe Máa Kọ Ìjábọ̀ Iṣẹ́ Tó Ti Falẹ̀ fún Onígbọ̀wọ́ Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Àjọ kékeré kan tó ń gbẹ́ kànga dẹ̀rọ̀ fún àwọn abúlé ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Kànga 30 la ṣèlérí fún onígbọ̀wọ́ wa láàárín ọdún méjì, 16 ló sì yẹ kó ti parí báyìí tí ọdún kìíní pé. Ihò mọ́kànlá la ti gbẹ́, ṣùgbọ́n méje péré làwọn èèyàn ti ń pọn omi. Méjì gbẹ táútáú. Ọ̀kan ń dúró de pèpéle kọnkéré, ọ̀kan ń dúró de àbájáde àyẹ̀wò omi. A ti ná ìdá 59 nínú 100 owó kànga, 35 nínú 59 yẹn ló sì lọ sórí pọ́ńpù 30 tí a rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pẹ́ kí a tó rí agbaṣẹ́ṣe, ìgbà tó fi dé, òjò ti dé, oṣù márùn-ún péré ni ẹ̀rọ sì fi gbẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n kọ mọ́kànlá, kí n sì ní òjò ló dá wa dúró. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kọ gbogbo ẹ̀, wọn ò ní fún wa lówó ọdún kejì. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ méje. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú un lọ bá ọ̀gá yín, ẹ kọ́kọ́ gbé owó àti kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń mójú tó owó lọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́ ṣe máa kà á. Kì í ṣe àlàyé ló kọ́kọ́ máa kà. Á wo owó tó ti jáde, á wo iṣẹ́ tó ti parí, á sì wò ó bóyá àwọn méjèèjì bára mu. Owó tó ti lọ jẹ́ ìdá 59 nínú 100. Kànga méje nínú 30 jẹ́ ìdá 23. Bí ẹ bá kọ mọ́kànlá bí ọ̀gá yín ṣe fẹ́, ìdá 37 ló jẹ́. Ẹ wò ó pé irọ́ náà kò tilẹ̀ dí àlàfo yẹn. Wọ́n ṣì máa béèrè ibi tí owó yòókù lọ, ẹ̀yin á sì ti fọwọ́ sí nọ́ńbà tí ẹ kò lè gbèjà rẹ̀.

Òtítọ́ ló dí i, kò sì gbà ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Pọ́ńpù 30 gba ìdá 35, gbogbo rẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́, yálà ó ti wà lórí kànga tàbí ó ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ìdá 65 tó kù ni wọ́n pín fún gbígbẹ́ ihò 30, ihò kan ń gba nǹkan bí ìdá 2 lé díẹ̀, ihò mọ́kànlá sì gba nǹkan bí ìdá 24. Ẹ ro 35 pọ̀ mọ́ 24, ẹ ti dé 59. Ẹni tó bá ka èyí máa rí i pé owó kò sọnù, àti pé ẹ mọ ibi tó wà. Á tún rí ohun kan tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà nínú ìbéèrè yín: ẹ ti sanwó kíkún fún ihò méjì tí kò lómi. Mo máa padà sórí ìyẹn, nítorí òun ló máa dà yín láàmú jù lọ́dún kejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tí ẹ ń kà. Nígbà tí ẹ kọ̀wé béèrè owó, ó yẹ kó jẹ́ pé ẹ sọ ohun tí “kànga tó parí” jẹ́. Ẹ lọ wá gbólóhùn yẹn nínú ìwé àdéhùn. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ó sábà máa ń jẹ́ pé ihò náà lómi, pọ́ńpù àti pèpéle ti wà lórí rẹ̀, omi ti yege àyẹ̀wò, àwọn aráàlú sì ti gbà á lọ́wọ́ yín. Àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú dá. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kò gbọ́dọ̀ sí kòkòrò E. coli kankan nínú mílílítà 100 omi mímu. Ìdí nìyẹn tí kànga tó ń dúró de àbájáde kò fi tíì jẹ́ kànga. Bí àbájáde bá burú, wọ́n máa fi kulorínì fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò.

Bí ìwé àdéhùn bá sọ pé “kànga tí a gbẹ́” péré, ẹ lè kọ mọ́kànlá sí ìlà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ìlà kejì sí abẹ́ rẹ̀ pé méje ló ń fún èèyàn lómi. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ yí ìtumọ̀ padà láàárín ọ̀nà. Mo ti rí ìjábọ̀ tó ka “kànga tó ń ṣiṣẹ́” ní oṣù kẹfà, tó wá ka “kànga tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀” ní oṣù kejìlá, tí nọ́ńbà sì fò sókè. Ẹni tó bá gbé ìjábọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa rí i lójú ẹsẹ̀, láti ọjọ́ yẹn lọ kò ní gba nọ́ńbà yín kankan gbọ́ mọ́.

Nínú àtẹ òṣùwọ̀n yín, ìlà kànga gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, àfojúsùn gbogbo iṣẹ́, àfojúsùn títí di òní, ohun tí ọwọ́ tẹ̀, àti ibi tí ẹ ti rí ẹ̀rí. Tiyín máa jẹ́: òdo, 30, 16, 7, ìwé ìfàléni-lọ́wọ́ méje pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò omi méje. Àfojúsùn títí di òní ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn, òun náà làwọn èèyàn sì ń fò jù. Ẹni tó bá rí 7 nínú 30 lásán lè rò pé nǹkan burú ju bó ṣe wà lọ, tàbí kó rò pé ọdún kejì ló gbé iṣẹ́ púpọ̀ dání. Nígbà tó bá rí 7 nínú 16, ó mọ ibi tí ẹ wà gan-an. Ní abẹ́ rẹ̀, ẹ kọ mẹ́rin tó kù bí wọ́n ṣe wà: ọ̀kan ń dúró de pèpéle, ọ̀kan ń dúró de èsì àyẹ̀wò, méjì gbẹ. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ kà wọ́n. Kànga tó ń ṣiṣẹ́ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn lè ti bàjẹ́ lónìí, nítorí náà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ pe ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan kànga méje náà, kí wọ́n sọ fún yín bóyá omi jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Òṣùwọ̀n kejì tó sábà máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni iye èèyàn tó jàǹfààní. Ìlànà Sphere, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ ń lò káàkiri ayé, sọ pé pọ́ńpù alọ́wọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ní ju 500 èèyàn lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á sọ 500 di òṣùwọ̀n, wọ́n á fi iye kànga sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á sì kọ 3,500 fún kànga méje. Ààlà ni 500, kì í ṣe iye àwọn tó wà níbẹ̀. Abúlé kan lè ní 280 èèyàn, òmíràn lè ní 700, tí àwọn kan níbẹ̀ sì ṣì ń lọ sódò nítorí ìlà pọ́ńpù gùn jù. Ẹ lo iye àwọn tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdílé ní abúlé méjèèje. Bí ẹ kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ 3,500 náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ “ìṣirò, kì í ṣe kíkà” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa kà wọ́n. Ẹ má sì ka ẹni kan lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ń pọn omi, tó tún wà nínú ìgbìmọ̀ kànga, tó tún wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmọ́tótó, èèyàn kan ni.

Bóyá ẹ tún ní òṣùwọ̀n tó ga ju kànga lọ, bíi iye ìdílé tó ní omi tó dára nítòsí. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ní ìtumọ̀ fún èyí tí ọ̀pọ̀ onígbọ̀wọ́ ti gbà: omi láti orísun tí a dáàbò bò, tí àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ìdúró lórí ìlà kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ kíyè sí ìdúró lórí ìlà yẹn, òun ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ìṣòro tó máa ń wáyé níbí kì í ṣe irọ́ pípa. Ẹ ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ìdílé ní gbogbo abúlé 30 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Báyìí, ẹnì kan máa dábàá pé kí ẹ lọ béèrè ní abúlé méje tí kànga ti wà, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Èsì ibẹ̀ máa dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, nítorí abúlé mẹ́tàlélógún tí kò tíì rí kànga kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ṣe ìwádìí ní gbogbo abúlé, ẹ kọ “a kò tíì wọ̀n ọ́, oṣù kejìdínlógún la máa wọ̀n ọ́”. Mo gbà pé àyè òfìfo yẹn dára ju nọ́ńbà dáadáa tó wá láti ibi tí kò yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ òjò wá kàn. Ọdọọdún ni òjò ń rọ̀, ẹni tó bá ti bójú tó iṣẹ́ gbígbẹ́lẹ̀ rí sì mọ̀ pé ọkọ̀ tó ru ẹ̀rọ wúwo kò lè wọ ọ̀nà ẹrẹ̀. Bí ẹ bá kọ òjò nìkan, ohun tó máa yé e ni pé ẹ kò ro òjò mọ́ ètò yín. Nínú ìbéèrè yín gan-an ni ìdí tòótọ́ wà: agbaṣẹ́ṣe pẹ́ kó tó dé. Ẹ tẹ̀ lé e sẹ́yìn. Kí ló mú un pẹ́? Bóyá ìwé ìdíje kan ṣoṣo ló wọlé nígbà àkọ́kọ́, òfin rírà yín sì béèrè mẹ́ta, ẹ wá kéde iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Bóyá ẹni tó yẹ kó fọwọ́ síwèé kò sí nílé. Èyí tó bá jẹ́, òun ni kí ẹ kọ, nítorí òun nìkan ni ẹ lè tún ṣe. Kò sí àtúnṣe tí ẹ lè ṣe sí òjò.

Ẹ yẹra fún “ìdíwọ́ tó kọjá agbára wa” àti “àwọn ìpèníjà kan”. Ẹni tó ń kà á máa ń rò pé ohun tó burú jù ló wà lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wà nípò yín, bí ìpínrọ̀ náà ṣe máa rí nìyí:

“Iṣẹ́ gbígbẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àkókò tí a dá, nítorí pé ìdíje àkọ́kọ́ fún agbaṣẹ́ṣe kò mú iye ìwé tí òfin rírà wa béèrè wá, a sì ní láti kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìfàsẹ́yìn yìí tì wá wọ àkókò òjò, tí ẹ̀rọ kò lè dé àwọn abúlé. Oṣù márùn-ún ni ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́. Nínú ihò mọ́kànlá tó gbẹ́, mẹ́sàn-án lómi, méjì kò ní.”

Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí a dá lẹ́bi. Bí ìdí ti yín bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni apá tí ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ kò ní, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni onígbọ̀wọ́ ń wá: níbo ni iṣẹ́ yìí máa parí sí bí nǹkan bá ń lọ báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ihò mẹ́sàn-án tó lómi ní oṣù márùn-ún, ìyẹn jẹ́ bíi méjì dín díẹ̀ lóṣù. Bí oṣù tí ẹ̀rọ lè fi ṣiṣẹ́ lọ́dún kejì bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ máa rí nǹkan bíi mẹ́rìnlá sí i. Ẹ ro méje tó ti parí, méjì tó ń dúró, àti mẹ́rìnlá yìí pọ̀, ó di mẹ́tàlélógún. Ti àkókò nìyẹn. Ní ti owó, ìdá 41 tó kù lè gbẹ́ ihò 19. Bí wọ́n bá ń gbẹ bí wọ́n ṣe ń gbẹ, méjì nínú mọ́kànlá, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú 19 yẹn ló máa lómi. Àpapọ̀ rẹ̀ di mẹ́rìnlélógún. Ọ̀nà méjèèjì ló mú wa dé ibì kan náà: láìsí àyípadà, kànga mẹ́tàlélógún tàbí mẹ́rìnlélógún ni ẹ máa ní, kì í ṣe 30.

Ibi tí mo ti sọ pé mo máa padà sí nìyí. Bí ẹ bá kọ pé “a máa gba ẹ̀rọ kejì láti lé àkókò bá”, ó dùn ún gbọ́, àkókò sì lè bá a: ẹ̀rọ kejì fún oṣù mẹ́rin máa fún yín ní bíi méje sí i, ẹ sì dé 30. Ṣùgbọ́n owó kò dé ibẹ̀. Kànga mọ́kànlélógún mìíràn tó lómi ni ẹ nílò, bí wọ́n bá sì ń gbẹ bí ti tẹ́lẹ̀, ihò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ máa gbẹ́ kí ẹ tó rí i, owó 19 ló sì wà nílẹ̀. Owó ihò méje kò sí, àti owó gbígbé ẹ̀rọ kejì wá. Àtúnṣe tó wo àkókò láìwo owó máa mú yín padà wá sọ ìròyìn burúkú kan náà lóṣù mẹ́fà sí i, ìgbà yẹn ni wọ́n á sì bínú lóòótọ́.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ihò tó gbẹ. Ẹ ṣí fáìlì méjèèjì. Ṣé wọ́n fi iná mànàmáná yẹ abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ? Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé ibi tí àyẹ̀wò tọ́ka sí ni ẹ̀rọ dúró sí, àbí wọ́n sún un nítorí pé ọ̀nà kò dára tàbí pé àwọn aráàlú fẹ́ ẹ níbòmíràn? Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ àtúnṣe yín. Bí kò bá sí àyẹ̀wò, àtúnṣe ni pé kò sí ihò kan tí wọ́n máa gbẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ ti wà nínú fáìlì. Bí àyẹ̀wò wà tí omi kò sì sí, ibi tí àpáta le ni ẹ wà, ẹ jẹ́wọ́ pé àwọn kan ṣì máa gbẹ, kí ẹ sì fi í sínú ìṣirò owó. Àdéhùn agbaṣẹ́ṣe náà nílò àtúnṣe: kí owó ihò tí kò lómi kéré sí ti èyí tó lómi. Kì í ṣe gbogbo agbaṣẹ́ṣe ló máa gbà, àwọn mìíràn á sì fi gówó lé èyí tó lómi, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá ń kọ àwọn àtúnṣe yìí sílẹ̀, ẹ ya ohun tí ẹ ti ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ máa ṣe, kí ẹ sì ya méjèèjì kúrò lára ohun tí ẹ kò lè ṣe láìjẹ́ pé onígbọ̀wọ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ipò ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́, àti ohun tí èèyàn máa rí láti mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. “A máa túbọ̀ tẹra mọ́ṣẹ́” kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ẹnjiníà àgbà kò ní fọwọ́ sí kí ẹ̀rọ lọ sí abúlé kankan láìrí ìwé àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀, a máa fi ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan sínú ìjábọ̀ tó tẹ̀ lé èyí” ní gbogbo rẹ̀.

Ohun tó kù fún onígbọ̀wọ́ láti pinnu, ẹ gbé e síwájú wọn ní tààrà. Yálà kí ẹ dín àfojúsùn kù sí 24 pẹ̀lú owó tó wà, tàbí kí ẹ mú 30 dúró, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé owó ihò méje àti ti ẹ̀rọ kejì wá láti orí ìlà mìíràn tí owó ṣẹ́ kù sí. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ìwọ̀n kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé owó kọjá rẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda. Ẹ wá ìwọ̀n náà nínú tiyín kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fara mọ́ àti ìdí rẹ̀. Tèmi ni pé ẹ béèrè fún 30, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ pé bí kànga tó parí kò bá tíì pé 18 ní oṣù kejìdínlógún, ẹ̀yin fúnra yín máa dábàá pé kí wọ́n dín in kù sí 24.

Nípa ìbẹ̀rù yín, mo mọ̀ pé owó oṣù àwọn èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì lè ṣèlérí pé kò sí onígbọ̀wọ́ tó máa fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú wọn dá owó dúró jù ni kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Ihò tó gbẹ kò ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tó wá wo iṣẹ́. Á béèrè pọ́ńpù ibẹ̀, kò ní rí i. Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kúrò ní iṣẹ́ tó falẹ̀, ó di ìjábọ̀ èké, wọ́n sì lè ní kí ẹ dá owó padà. Òfin pàápàá máa ń béèrè fún òtítọ́ yìí. Nínú 2 CFR 200.329, tó de owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ fi ohun tí ọwọ́ tẹ̀ wé àfojúsùn, kó sì sọ ìdí tí àfojúsùn kò fi bá. Ó tún ní bí ìṣòro tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ bá yọjú láàárín ìjábọ̀ méjì, kí wọ́n sọ ọ́ gbàrà tí wọ́n bá ti mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí owó yín má ti ibẹ̀ wá, àmọ́ ẹ ka abala ìjábọ̀ nínú àdéhùn tiyín. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fi í han ọ̀gá yín, pẹ̀lú ìṣirò 59, 37 àti 23 yẹn. Ẹ bá a sọ ọ́ ní òun nìkan, kí ẹ sì ti gbé ìwé tí ẹ ti kọ dání, nítorí ó rọrùn fún ọ̀gá láti fọwọ́ sí òtítọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Bí ó bá ti gbà, kí òun fúnra rẹ̀ pe ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ yín lọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí ìjábọ̀ tó lọ. Kó sọ nọ́ńbà méje, kó sọ mẹ́tàlélógún sí mẹ́rìnlélógún, kó sì sọ pé ìpinnu kan wà tí ẹ nílò lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìpè náà, kó kọ ohun tí wọ́n jọ sọ ránṣẹ́ ní ìwé kúkurú.

Ẹ fi àtẹ ihò mọ́kànlá náà sẹ́yìn ìjábọ̀: orúkọ abúlé, ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ, bó ṣe jìn tó, iye omi tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan, èsì àyẹ̀wò, ipò tó wà lónìí. Kí méjì tó gbẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dí wọn pa. Bí wọn kò bá tíì dí wọn, ẹ sọ fún agbaṣẹ́ṣe kó ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ihò tó wà ní gbangba ni ìdọ̀tí máa gbà wọnú omi abẹ́ ilẹ̀.